Ọ́kíìdì tí kò yọ òdòdó mọ́: ooru ọ̀sán ni kí ẹ fura sí

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ra ọ́kíìdì aláwọ̀ àlùkò kan fún mi lọ́dún tó kọjá. Òdòdó rẹ̀ lò tó oṣù méjì kó tó rẹ̀ dànù. Láti ìgbà náà, ewé nìkan ló kù. Ewé ọ̀hún dúdú minimini, ó ń dán, àmọ́ kò yọ òdòdó mọ́. Pálọ̀ ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Ẹnì kan ní kí n máa kó yìnyín sí i nídìí. Kí ló ń ṣe é gan-an?*
*Ìyá kan ní Ìgbógbó, Ìkòròdú*

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀, Màmá. Ẹ ò pa á, kò sì yàgàn. Ewé tó dúdú minimini yẹn gan-an ló tú àṣírí ohun tó ń ṣe é. Ọ́kíìdì tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó kì í dúdú, àwọ̀ koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni ewé rẹ̀ máa ń ní. Èyí tó bá wà níbi tó ṣókùnkùn ló máa ń kó àwọ̀ jọ sínú ewé kó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án. Ebi ń pa á ni, bó tilẹ̀ ń dán lójú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló kù fún un. Bí ẹ bá tún ìmọ́lẹ̀ ṣe tí ẹ ò tún ooru ṣe, á sanra, á máa yọ ewé ńlá ńlá, òdòdó ò sì ní jáde.

Pẹ̀lú àlàyé tí ẹ ṣe, Falẹnópísì ló jọ pé ó jẹ́, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń tà nínú ìkòkò fún ẹ̀bùn. Igbó Filipíìnì, Indonéṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká ló ti wá. Ara igi ńlá ló ń dì mọ́ níbẹ̀, lábẹ́ ibòji, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà mọ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kéré, wọ́n á fi sí yàrá tó gbóná ju 28°C lọ kó má bàa yọ òdòdó, ewé nìkan ni kó máa yọ. Nígbà tó bá dàgbà tó, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá tútù, òdòdó á sì jáde. Ìgbà tó tanná ni wọ́n gbé e tà. Ẹ wá gbé e dé Ìkòròdú, sínú ooru tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n fi ń dí i lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ara igi rẹ̀, irudi kékeré kan wà tó ń sùn níbẹ̀. Òun ló máa di ọ̀pá òdòdó. Ìtutù ló ń jí i: kí ibi tó wà má gbóná ju nǹkan bí 26°C lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ibẹ̀ bá ń gbóná ju 28°C lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, irudi yẹn á máa sùn lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbọ́ ni pé kí òru sáà ti tutù. Ní ilẹ̀ tí òru bá tutù tí ọ̀sán náà sì máa ń tutù, ìmọ̀ràn yẹn kò lè ṣini lọ́nà. Àmọ́ ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Míṣígàn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìdánwò jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ya ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára òru. Àwọn ọ́kíìdì tí ọ̀sán wọn jẹ́ 29°C kò yọ ọ̀pá bó ṣe yẹ, bí wọ́n tilẹ̀ mú òru wọn tutù dé 17°C. Àwọn tí ọ̀sán wọn tutù ló yọ ọ̀pá. Ọ̀sán ló ń pinnu.

Fún wa ní etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ yìí yí nǹkan padà. Ẹni tó bá gbé ọ́kíìdì sí yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́, tó sì fi í sílẹ̀ nínú ooru látàárọ̀ dalẹ́, iná ìjọba ló fi ṣòfò. Ó tún jẹ́ ká mọ ìdí tí ọyẹ́ kì í fi ran ọ́kíìdì lọ́wọ́ nílẹ̀ Èkó bí a ṣe rò. Lóòótọ́, òru máa ń tutù díẹ̀ nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, àmọ́ bí oòrùn bá ti yọ, ojú ọjọ́ á tún gùn dé 32°C, ọyẹ́ á sì tún fa omi inú ewé rẹ̀ gbẹ. Ìgbà tó tutù jù fún wa lọ́sàn-án ni oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí ọ̀sán sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 28°C, tí òru ń wálẹ̀ sí 23°C tàbí kó dín díẹ̀. Kò tíì dé 26°C tí a ń wá, àmọ́ ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ẹ bá gbé e sí fi lè parí ìyókù.

Ẹ má dà á láàmú pẹ̀lú yìnyín. Ó máa ń tutù nídìí gbòǹgbò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á yọ́. Ewé àti ara igi ló yẹ kó wà nínú ìtutù, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀.

Kí a tó dé ibi ìtutù, ẹ kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ, ìyẹn ìmọ́lẹ̀, torí ọ́kíìdì tí ebi ń pa lè wà nínú ìtutù fún oṣù mẹ́ta kó má rí agbára yọ nǹkan kan. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dáa jù nínú ilé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti lè kàn án títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Bí fèrèsé yín bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, oòrùn ìrọ̀lẹ́ Ìkòròdú máa ń jó ewé. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ni pé kí ẹ na ọwọ́ sókè ewé náà lọ́sàn-án, ní ìwọ̀n rúlà kan sí i. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn fírífírí, tí etí rẹ̀ kò mú, ó dáa. Bí ẹ ò bá rí òjìji rárá, òkùnkùn ni. Bí òjìji bá mú, tí ẹ lè ka ìka ọwọ́ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ lè bá yín fi fóònù wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, iye tí a sì ń wá ni 10,000 sí 15,000 lux ní ọ̀sán gangan. Lórí tábìlì tó jìnnà sí fèrèsé, tí kọ́tìnì sì wà nílẹ̀, kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa sún un mọ́ ìmọ́lẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, torí ewé tó ti mọ́ òkùnkùn lára máa ń tètè jó. Ojú ibi tó jó á kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ igi gbígbẹ, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Àwọn ewé tó wà lára rẹ̀ báyìí lè rọ àwọ̀ díẹ̀, àmọ́ ewé tuntun ni kí ẹ máa wò. Bí ewé tuntun bá gùn tó ewé tó ṣáájú rẹ̀ tàbí tó jù ú lọ, ara rẹ̀ ti ń yá. Bó bá kéré sí i, nǹkan kan ṣì kù, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ojoojúmọ́ wá kàn. Ẹ rọra yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò tó yè máa ń le, tó bá gbẹ á ní àwọ̀ fàdákà, tó bá tutù á di àwọ̀ ewé. Èyí tó ti jẹrà máa ń rọ̀ mọ́ ọwọ́, èèpo rẹ̀ á bó, á sì ku okùn tín-ín-rín kan láàárín. Ẹ fi abẹ tí ẹ ti fi iná sun gé àwọn tó jẹrà kúrò. Ẹ ó sábà bá ohun rírọ̀ kan tí wọ́n dì mọ́ àárín gbòǹgbò láti ilé ìtọ́jú rẹ̀, èyí tó máa ń fa omi mu tí kì í tètè gbẹ. Ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ní ọ̀rinrin púpọ̀ bíi tiwa, òun ló ń pa ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ ra èédú ní ọjà, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tó tó orí àtàǹpàkò, ẹ fọ eruku rẹ̀ dànù. Ẹ gé èèpo ẹ̀yìn àgbọn tó ti gbẹ sí ìwọ̀n kan náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ da omi náà nù, ẹ tún un rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, pàápàá àgbọn tó ti ẹ̀bá òkun Badagry wá. Ìwọ̀n èédú méjì sí ìwọ̀n èèpo àgbọn kan ni kí ẹ pò pọ̀. Ìkòkò rọ́bà tó mọ́ gaara, tó ní ihò púpọ̀ nísàlẹ̀, tí kò fẹ̀ ju ìdí gbòǹgbò lọ, ló yẹ ẹ́. Ìkòkò tó fẹ̀ jù á mú omi dúró. Ẹ má fi yẹ̀pẹ̀ kún un o, bó ti wù kó kéré tó.

Láti ìgbà náà lọ, gbòǹgbò ni yóò máa sọ ìgbà tí ẹ máa bu omi. Bí èyí tí ẹ ń rí lára ike bá ti di àwọ̀ fàdákà, ẹ da omi sí i títí tó fi jáde nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ro tán. Nínú èédú, ìyẹn lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò. Omi òjò ló dáa jù. Omi kànga ẹ̀rọ tó bá ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára bọ́kẹ́ẹ̀tì á fi í sára gbòǹgbò náà.

Ajílẹ̀ tó ń yọ́ pátápátá sínú omi, irú NPK 20-20-20, ni kí ẹ wá. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìpo-tíì ni kí ẹ pò mọ́ omi lítà mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, omi lásán ni kí ẹ fi ṣàn án. Ajílẹ̀ oníhóró tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí àgbàdo kì í ṣe fún un, kì í yọ́ tán, á sì jó gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ajílẹ̀ tó ń fi túláàsì mú òdòdó jáde nínú ooru, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ní òpin oṣù Kẹfà, ẹ ka ewé rẹ̀. Bó bá ní ewé tó dára mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ewé tuntun kò sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó ti tó gbé sínú ìtutù. Ẹ ra tẹmomítà kékeré tó máa ń fi ooru tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù hàn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó pinnu ibì kan. Pálọ̀ tí páànù rẹ̀ kò ní síìlì máa ń gbóná ju ìta lọ, kódà nínú oṣù Kẹjọ. Fàràndà ẹ̀gbẹ́ gúúsù tàbí ti ìlà oòrùn, tí igi ṣíji bò, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí, lè tutù jù ú lọ dáadáa. Kí ẹ gbé ìkòkò náà sún mọ́ ilẹ̀, lórí àwo fífẹ̀ tí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sí, kí ìdí ìkòkò má kan omi náà. Ẹ máa da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yí i ká ní ọ̀sán.

Bí tẹmomítà bá ṣì ń fi 28°C hàn fún wákàtí púpọ̀ lọ́sàn-án, ẹ wá ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọjọ́. Ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì ọmọ yín, tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ náà sí 23°C tàbí 24°C láti aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún, wúlò fún un ju yàrá ibùsùn lọ. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ tútù ẹ̀rọ má fẹ́ sí i tààrà. Bí fèrèsé kò bá sí, gílóòbù funfun tó mọ́lẹ̀ dáadáa tó jìnnà sí ewé ní ìwọ̀n rúlà kan, fún wákàtí méjìlá, lè ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú iná fún wákàtí méjì, kò bàjẹ́. Ooru tó bá gba èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́, lójoojúmọ́, ló ń dá a dúró.

Ewu kan wà fún ọ́kíìdì orí fàràndà nígbà òjò. Bí omi bá dúró sí àárín gbùngbùn tí ewé tuntun ti ń jáde, tó sì sùn síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á jẹrà, ewé òkè á sì fà yọ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, tàbí kí ẹ máa fi tíṣù nu ibẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Bó bá wọnú ìtutù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, kí ẹ máa yẹ ìdí ewé wò láti àárín oṣù Kẹjọ. Ọ̀pá náà sábà máa ń jáde lábẹ́ ewé kẹta tàbí ìkẹrin láti òkè. Gbòǹgbò tuntun náà lè jáde nítòsí ibẹ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń da ojú rú. Orí gbòǹgbò rí roboto, ó ń dán, ara rẹ̀ á sì di fàdákà bó ṣe ń gùn. Orí ọ̀pá òdòdó rí pẹlẹbẹ, ó ní ìlà ìpàdé ní ẹ̀gbẹ́ bí àgógó ẹyẹ, àwọ̀ ewé ni gbogbo ara rẹ̀, ó sì máa ń wá ọ̀nà òkè. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó yọ̀. Ìgbín kéékèèké fẹ́ràn orí rẹ̀ ju ohunkóhun lọ, òru kan péré tó láti jẹ ẹ́ tán, nítorí náà ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́.

Ẹ má ṣe tètè gbé e padà sí ibi gbígbóná torí pé ọ̀pá ti jáde. Ọ̀pá tó ṣì kúrú tí ooru bá bá máa ń ṣíwọ́, tàbí kí oríkèé rẹ̀ yọ ọmọ ewé dípò irudi. Títí tí ẹ ó fi máa ka irudi lára rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbè é, ẹ má sì máa yí ìkòkò náà, torí ọ̀pá á máa lọ́ tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá rí ọ̀pá, ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kí òdòdó àkọ́kọ́ tó ṣí, nítorí náà ọ̀pá tó jáde ní ìparí oṣù Kẹjọ lè tanná ní ìparí oṣù Kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá.

Bí irudi bá pọ́n tó sì já kó tó ṣí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí ń mú irudi gbó sára, èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ní in nínú. Kí ó má sí nítòsí tábìlì ìjẹun, kó má sì sí lójú fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti ọ̀pá àtijọ́ tó ṣeé ṣe kó ṣì wà lára tiyín: bó bá ti gbẹ, ẹ gé e nídìí. Bó bá ṣì tutù, àwọn kan máa ń gé e sókè oríkèé kejì tàbí ìkẹta láti ìsàlẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka. Fún èyí tí ebi ti pa tó báyìí, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Òdòdó díẹ̀ tó máa yọ níbẹ̀ á tún fa agbára tó yẹ kó fi yọ ewé. Ẹ gé e nídìí.

Bí oṣù Kẹwàá bá parí tí ọ̀pá kò jáde, ẹ wo àkọsílẹ̀ tẹmomítà yín. Bí ọ̀sán bá ju 28°C lọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ibi tí ẹ gbé e sí ni kí ẹ yí padà ní ọdún tó ń bọ̀. Bó bá tutù tó, ìmọ́lẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án tó ṣáájú ló kéré. Ẹni tí kò bá sì ní ibi tútù lọ́sàn-án rárá, Dẹndíróbíọ̀mù ni kó rà nígbà míì, irú èyí tó ní ọ̀pá gígùn bí ìrèké kékeré tí ewé wà lára rẹ̀. Òun kì í retí ìtutù kó tó tanná, ìmọ́lẹ̀ ló ń béèrè, nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí Falẹnópísì ń fẹ́. Kí ó má gé àwọn ọ̀pá rẹ̀ àtijọ́ tí ewé ti wọ́ dànù lára wọn, torí ọ̀pá tí kò ní ewé mọ́ ṣì lè yọ òdòdó lórí.